Ibi tí Ìyá Onígàrí ti Yíjú

Ẹni tí kò bá fi fídíò ṣiṣẹ́ jẹun rí kò lè mọ bí ọrùn ènìyàn ṣe ń yọ ènìyàn lẹ́nu tó. Ọrùn lásán o! A fi ìyá kan jókòó sórí àga, a ní kí ó jọ̀ọ́, kó máa wo kámẹ́rà nìkan, ó ní òun ti gbọ́. Kó tó sọ̀rọ̀ débì kan, ẹnì kan kọjá lẹ́yìn ọgbà, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o!" Wàá, ìyá ti yí orí sí i. Ó mi orí fún onítọ̀hún tán kó tó rántí pé kámẹ́rà wà níwájú òun. Mi ò sì lè bá a wí, nítorí ta ni wọ́n tọ́ dáadáa tí wọ́n á kí tí kò ní dáhùn? Ṣùgbọ́n èmi ni mo jìyà rẹ̀.

Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ni mo máa ń gé pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣàlàyé ibà Lásà fún aráàlú ló gbé iṣẹ́ yìí wá bá mi. Ibà tí eku máa ń kó ran ènìyàn ni. Ìyá inú fídíò náà ti kó o, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì sàn pátápátá. Ó fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tètè máa lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì yéé sá fún ẹni tó bá ti sàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá òun mọ̀.

Gàrí ló ń tà, ní ìlú kan lọ́nà Ìdóàní tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ gbọ́ ná, àìsàn eku, gàrí. Bí wọ́n bá fi lè mọ̀ pé òun ni, ta ló tún máa ra ẹyọ kóńgò kan lọ́wọ́ rẹ̀? Nínú ilé rẹ̀ pàápàá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ ohun tó gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn yòókù rò pé ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ni.

Nítorí náà, aṣọ ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀ fún un. Obìnrin mìíràn ló tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, nítorí ohùn rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú rẹ̀ lè tú u fó. Ojú ló wá kù. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun kò fẹ́ kí a fi kùrukùru bò ó, pé bí ọ̀daràn ló máa ń rí, àwọn ènìyàn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lójú gbọ́. Ó ní kí n fi ojú ẹlòmíì pààrọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tó máa ń ṣeré tíátà gbà kí a lo ojú tirẹ̀. Mo ní kò burú. Iṣẹ́ kékeré ni mo pè é, àṣé mi ò mọ ohun tí mò ń kó ọwọ́ bọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Àwòrán tí kò mira ló ń tẹ̀ léra wọn kíákíá tí a fi ń rí fídíò. Fírémù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú fírémù kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wá igun ojú méjèèjì, ṣóńṣó imú, ẹ̀gbẹ́ ẹnu àti àgbọ̀n, kó fi mọ ibi tí orí kọjú sí, kó tó gbé ojú tuntun lé e. Bí ìyá bá wo iwájú, kò sí wàhálà. Bó bá rọra yíjú, kò sí wàhálà náà. Àmọ́ bó bá yí orí fìrì báyìí, àwòrán á dàrú, ojú kan á sá lọ sí òdìkejì imú, kọ̀ǹpútà ò ní mọ ohun tó ń wò mọ́. Nígbà mìíràn á gbé ojú tuntun lé etí ìyá. Nígbà mìíràn á kàn jáwọ́, á fi fírémù náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà, nítorí níbi tó bá ti jáwọ́, ojú ìyá fúnra rẹ̀ ló máa yọ.

Ibi mẹ́ta ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni wò ó, ó ní òun ò tiẹ̀ rí nǹkan kan.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ó ní. "Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Ta ló máa rí i?"

"Ta ló máa rí i? Gbogbo ayé ni!" mo ní. "Ẹ̀yin ò mọ àwọn ará ibí. Wọ́n á dá a dúró lórí fóònù, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ tóbi, wọ́n á ní, 'Ìyá báyìí kọ́ rèé?' Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ra gàrí rẹ̀ nígbà náà?"

Mo ní kí wọ́n tún un yà. Ó ní ìyá kò ní padà wá, ẹ̀rù ń bà á kí àwọn ènìyàn má baà rí i ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn. Mo ní kí n gé ibi tó ti yíjú kúrò. Ó ní ibi kẹta ló ti sọ pé, "Mo ti sàn. Ẹ má sá fún wa mọ́," pé bí a bá gé ìyẹn, kí ló kù? Òótọ́ ló sọ. Inú sì tún bí mi sí i.

Ni mo bá jókòó tì í. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ò lè tẹ̀ lé orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ibi tó ti yíjú lọ sí òpin, mo mú un láti òpin. Mo lọ síbi tí orí ti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tó yí tán, mo ní kó máa tọ̀ ọ́ padà bọ̀, títí apá méjèèjì fi pàdé láàrin. Fírémù tó dàrú jù níbẹ̀, ọwọ́ ni mo fi to àmì igun ojú, imú àti àgbọ̀n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì mú kí ojú tuntun náà ṣe bàìbàì lápá ibi tí orí ń sáré sí, nítorí bí gbogbo orí bá ṣe bàìbàì tí ojú nìkan mọ́ kedere, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ló máa jọ. Nígbà tí mo fi máa ṣe méjì tán, ọrùn tèmi náà ti gan. Wọ́n mú iná lọ láàrin rẹ̀, mo ṣépè fún ẹni tí mi ò mọ̀.

Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀dájú. Ìyá yí orí dé ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ó tún gbọ́wọ́ yí orí ká, ó ta ìka nù, bí a ti í ṣe bí a bá ń sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú ẹ̀ tún wáyé. Ọwọ́ gba iwájú ojú kọjá, kọ̀ǹpútà sì kun ojú lé orí ìka! Mo gé ọwọ́ náà yọ ní fírémù kọ̀ọ̀kan, mo dá a padà sókè. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú kò gún. Gbogbo fídíò tí oníṣeré ṣe fún wa, iwájú ló ń wò. Kọ̀ǹpútà kò tíì rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ rí, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n yà?

Mo pe oníṣeré kí ó wá jókòó fún mi, kó kàn yíjú sọ́tùn-ún, kó yíjú sósì, nínú irú ìmọ́lẹ̀ kan náà.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti ń ronú sí i. Wọ́n á ní èmi ni mo ṣàìsàn yẹn. Ẹ yọ ojú mi kúrò pátápátá."

"Ìwọ náà!" mo ní. "Ohun tí ìyá ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe gan-an lo ń ṣe yẹn!" Ó ti pa fóònù. Mo bú u títí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni, òun ló ni ín. Mo yọ ọ́.

Ìbínú yẹn ni mo fi gbé àga síwájú kámẹ́rà mi, tí mo jókòó síbẹ̀ fúnra mi. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo wo òkè àti ilẹ̀, mo sọ̀rọ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo yíjú fìrì bíi ti ìyá. Mo fi ojú mi kọ́ kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó gún, kò sí fírémù kan tó yọ̀. Mo wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ bí ìyá ṣe ń yíjú ju bí mo ṣe mọ ti ìyá tó bí mi lọ. Àgbọ̀n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbéra sókè díẹ̀, kí ọrùn tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní ìyá gbọ́dọ̀ rí i kí a tó gbé e jáde, ó sì yọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Ìwọ rèé lọ́rùn mi!" Ó ní kí n tún un fi han òun. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ mi, o ṣeun. O bò mí láṣìírí. Ojú ò ní tì ọ́ láéláé." Mo ṣe àmín. Ìgbà yẹn nìkan ni inú mi dùn sí iṣẹ́ náà.

A kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò pé ojú tí ẹ rí kì í ṣe ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an làwọn ènìyàn gé kúrò tí wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Láìpẹ́, ẹni tí a jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì sún lọ sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Mo ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, kò sún padà.

Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó tí mo lọ yà ní Ìdóàní, mo yà sí ọjà ìlú ìyá. Mo ní kí n ra gàrí rẹ̀ lọ sílé. Ọjà rẹ̀ ń tà, àwọn ènìyàn dúró yí i ká. Inú mi dùn. Mo na ọwọ́ sínú abọ́, mo bu gàrí díẹ̀, mo jù ú sẹ́nu.

Obìnrin kan tó fẹ́ ra gàrí wò mí, ó tún mi wò. "Yéè! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣàìsàn eku inú fóònù yẹn?" Ó fa àpò rẹ̀ mọ́ra. "Ó sì ti tọwọ́ bọ gàrí!"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo wo ìyá, ìyá wò mí. Bó bá sọ pé òun mọ̀ mí, wọ́n á béèrè ibi tó ti mọ̀ mí. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo dúró, mò ń retí.

"Àǹtí," ó ní, ohùn rẹ̀ le, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan gàrí mi mọ́. Ẹ sún sẹ́yìn. Èmi ni máa bù ú fún yín."

Àǹtí. Ẹ. Èmi tó pè ní ọmọ mi. Inú bí mi gidigidi. Ó da gàrí inú abọ́ tí mo tọwọ́ bọ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó fẹsẹ̀ gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn náà ló yí orí fìrì sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kí i. Àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra, ọrùn tẹ̀ lé e, mo sì rí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tí mo ti fi ọwọ́ ara mi bò ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí àwọn yòókù tó ṣẹ́jú, ó ti kọjú padà, ojú rẹ̀ sì le bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Kóńgò mélòó?"

Mo ní ẹyọ kan. Ó wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, ó fi ènì sí i, ó tún fi ènì sí i, ó tún fi sí i, títí ọ̀rá fi fẹ́ ya. Kò wo ojú mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí.