Ẹni Tó Ń Ka Ìsàlẹ̀ Àwòrán

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ọmọ mi Adéọlá wá kí mi nílé ní àdúgbò Fate, ní Ìlọrin. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ ka orí tábìlì, ó ní òun fẹ́ kí n wo fíìmù àwọn ará Kòríà kan tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Obìnrin kan ń gé àlùbọ́sà nínú rẹ̀, ó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Mo ka ìlà méjì, ẹ̀kẹta ti lọ. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ka fáìlì níléeṣẹ́ ìjọba, ojú mi sì ti sọ fún mi pé ó ti rẹ òun. Mo yọ awò ojú mi, mo ní, "Gbé e kúrò, Adéọlá. N kì í wo fíìmù tí èèyàn ń kà."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi. Ràlíátù ló ni ín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù wo ohun tó bá wù yín, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ìgbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni mò ń wí. Àdúgbò Adéwọlé là ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ràlíátù ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, agboolé àwọn aláàfáà ni ilé wọn, níbi tí ohùn ọmọ kéwú kì í ti í dákẹ́ láàárọ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó ní sẹ́kọ́ńdírì, a sì ń pín ẹ̀pà jẹ bí ẹni pé ìyá kan ló bí wa.

Àbúrò ìyá mi, Bùrọ̀dá Délé, ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá káséètì fídíò sẹ́bàá ilé wa. Tí a bá ti gba họ́lídè, èmi ni mo máa ń jókòó níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ń súni. Kò sí oníbàárà tó ń yí káséètì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá a padà, èmi ni n óò yí gbogbo wọn. Bí àwòrán bá ti ń ṣe wúruwùru, n óò tú ẹ̀rọ, n óò fi òwú tí mo rì bọ sípíríìtì nu orí rẹ̀ tó fi ń ka téèpù jẹ́jẹ́. Fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ló kún pẹpẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Ṣáínà ń sọ nínú tiwọn, nítorí pé wọ́n ti fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò ohùn wọn. Ẹnu á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde, àwọn èèyàn kò sì kà á sí.

Nígbà tó yá, òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ kó páálí káséètì kan sílẹ̀ fún Bùrọ̀dá Délé. Fíìmù Faransé, ti Jàpáànù, ti Ìránì, ti ibi tí n kò gbọ́ rí. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó yá ọ̀kan nínú wọn. Èmi ni mo ń wò wọ́n, mo sì fẹ́ràn wọn débi pé ó ń dùn mí. Ohùn tó jáde lẹ́nu ẹni tó ń sunkún gan-an ni mò ń gbọ́, kì í ṣe ti ẹnì kan tí wọ́n sanwó fún láti sunkún nínú yàrá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ohun tó dára tí kò rí ẹni bá sọ ọ́, àárẹ̀ ni ohun dáradára náà ń dà sí i lára. Ràlíátù ni mo fẹ́ kó bá mi rí i. Họ́lídè yẹn nìkan ló sì kù fún wa, nítorí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ètò ọkọ fún un ní Kàdúná, ó di ẹ̀yìn ìdánwò kó lọ.

Ó ní òun kì í wo fíìmù tí èèyàn ń kà. Mo rò pé kò tíì rí èyí tó dára ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, àṣìṣe gbáà. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó ti tábìlì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣàròyé fún wákàtí méjì, ìlà méjì méjì nísàlẹ̀, kò sinmi. Ràlíátù sùn lórí àga ṣọ́ọ̀bù.

Mo wá gbọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ràn kíkà, fíìmù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ló yẹ kéèyàn fún un. Mo mú ti obìnrin kan tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ lórí òkè. Kò sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àfi bí yìnyín ṣe bo òkè náà mọ́lẹ̀, tí lẹ́tà funfun ń rì sínú funfun. Mo dín ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kù títí ojú obìnrin náà fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣíṣe àdàkọ káséètì náà léraléra ti jẹ́ kí etí lẹ́tà fọ́, tẹlifíṣọ̀n wa kékeré sì gé ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dànù. Mo ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n tí mo ti fi ara mi kọ́, pé kó sún àga sẹ́yìn kí ojú àti lẹ́tà lè bọ́ síbì kan náà, kó má ka ìlà lẹ́yọ lẹ́yọ bí ọmọ kéwú, kó kàn gbé ojú kọjá lórí rẹ̀ kó tètè padà sójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní tó bá fara dà á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú rẹ̀ á gbàgbé pé òun ń kàwé.

Ràlíátù dìde, ó ní ó ti rẹ òun. Inú bí mi. Mo ní bóyá kò mọ̀wé kà ni, ìdí nìyẹn tó fi ń sá fún un.

Ẹyin lohùn. Ó wò mí, ó mú ìborùn rẹ̀, ó lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Mo ń ka ọjọ́ tó kù kó lọ sí Kàdúná.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Inú pálọ̀ kún fún obìnrin lórí ẹní, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ìyá wọn, Ìyá Àgbà tó bí bàbá rẹ̀ láàárín, lórí tìmùtìmù. Fíìmù Íńdíà tí ilé tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé jáde ní Sátidé ni wọ́n ń wò. Ràlíátù jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ orí wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ó ń ka gẹ̀ẹ́sì náà jáde fún wọn ní Yorùbá. Ó ń yí ohùn padà: ti bàbá le, ti ọmọbìnrin rọ̀, ti ọ̀daràn ń ti imú jáde. Òun nìkan ló ka ìwé jìnnà láàárín àwọn obìnrin ilé náà, láti ìgbà tó sì ti wà ní kíláàsì kẹrin ní pírámárì ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo Sátidé. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣépè fún ọ̀daràn. Òun kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó parí, Ìyá Àgbà fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Wàláì, Ràlíá, ṣé o rí ojú tí ìyá yẹn fi wo ọmọ rẹ̀?"

Ràlíátù ní, "N ò rí i, Ìyá Àgbà. Mò ń kàwé ni."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé ó ti jẹun ló ṣe dáhùn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti wo fíìmù jù mí lọ fíìfíì, kò sì tíì rí ọ̀kan.

Nígbà tó yá, mo wọlé, mo bẹ̀ ẹ́ lójú agbo. Ó ní ó ti tán. Mo ní kò tíì tán, kí wọ́n jẹ́ kí èmi kà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè sọ Yorùbá tó máa yé òun.

Fíìmù ewúrẹ́ ni mo gbé lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ fídíò Bùrọ̀dá Délé. Níbi tí yìnyín ti gbé lẹ́tà mì, mo ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, orí mi ni mo fi ń kà á. Tẹlifíṣọ̀n wọn tóbi ju tiwa, ó fi ìlà ìsàlẹ̀ hàn. Mo jókòó sí ààyè Ràlíátù nílẹ̀, òun sì lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà lórí tìmùtìmù. Mo bà á jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà máa ń yọ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó la ẹnu, mo sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń yọ. Mo ti sọ pé ewúrẹ́ kú nígbà tí obìnrin náà ṣì ń gun òkè. Gbogbo pálọ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ràlíátù sọ láti ẹ̀yìn pé, "Gbé e sẹ́nu ná. Dúró kó la ẹnu, kí o tó sọ ọ́."

Mo gbé e sẹ́nu. Ìlà tó bá gùn, mo gé e kúrú. Níbi tí kò sí ọ̀rọ̀, mo dákẹ́. Nígbà tí obìnrin náà rí ewúrẹ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò ó títí. Nǹkan kan kò yọ nísàlẹ̀, mo sì ráyè bojú wẹ̀yìn. Àwòrán ni Ràlíátù ń wò, ó la ẹnu díẹ̀, ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe ojú."

A ń gbà á kà lọ́wọ́ ara wa títí họ́lídè fi parí, òun lónìí, èmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìdánwò ó lọ sí Kàdúná. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí mi. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ó ní ọkọ òun ti ra fídíò, pé òun ti ń ka ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn ìyàwó àdúgbò. Ibi àdúà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà ni mo ti gbọ́, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, pé Ràlíátù ti ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run. Mo ti ń ronú láti ìgbà náà bóyá ẹnì kan bá a kà á ní Kàdúná, kó ráyè gbójú sókè. Kò sí ẹni tí mo lè bi.

Ṣọ́ọ̀bù káséètì ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Kálukú ló ń fi ohun tirẹ̀ sétí báyìí, kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì lágbára láti bá wọn jà sí i.

Ṣùgbọ́n Adéọlá kò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò. Ó béèrè ìdí tí mo fi ń nu ojú, mo sì sọ ìtàn yìí fún un. Nígbà tí mo parí, ó fa àpótí sún mọ́ mi, ó dá fíìmù náà padà síbi obìnrin tó ń gé àlùbọ́sà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi ní Yorùbá. Ó ń yára jù. Ìyá ọkọ kò tíì yí ojú padà tí Adéọlá ti sọ ohun tó fẹ́ wí.

Mo ní, "Dúró kó la ẹnu, ọmọ mi." Ó dúró. Mo sì rí ojú obìnrin náà.