Atẹ̀wé Tí Kò Gba Òǹtẹ̀ Gbọ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni a fi jókòó sídìí tábìlì kan náà, èmi tí mò ń to fáìlì, òun tí ó ń tẹ̀wé. Atẹ̀wé ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìtumọ̀ wa ń pè é. Kò kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé tí ọ̀gá wa ń túmọ̀, tí òun ń tẹ̀, ló ti ṣa Gẹ̀ẹ́sì jọ bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kì í yára. Bí o bá ní kó yára, á ní, "Ẹni tó ń sáré kì í rí ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ó ní àṣà kan. Bí ìtumọ̀ bá parí, á bo Yorùbá rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ bá oníṣègùn eyín tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Á ní kó kà á, kó sì sọ ohun tó yé e. Ọ̀gá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní eyín tó ń dùn ún ni?"

Lọ́sẹ̀ tí ibà dá Atẹ̀wé gúnlẹ̀, ọ̀gá dá túmọ̀ ìwé kan tó wá láti ilé ìkẹ́rùsí, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lù ú ní òǹtẹ̀. Ọjọ́ tí Atẹ̀wé padà sẹ́nu iṣẹ́ ni bàbá ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí náà wọlé, fìlà lọ́wọ́, ó kọjú sí Atẹ̀wé.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Wọ́n ní mo ti jẹ́wọ́. Mi ò jẹ́wọ́ nǹkan kan o! Lọ́la ni ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ wa máa lé mi. Ọdún méjìlélógún, orúkọ mi ò bàjẹ́ rí."

Ohun tí bàbá sọ lédè rẹ̀ nínú ìwé tí ọ̀gá túmọ̀ yẹn kò ju báyìí lọ: ó gbọ́ òórùn gáàsì, lẹ́sẹ̀ kan náà ló sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀, nígbà tó padà, gáàsì ti bú gbàmù, ó bá akóẹrù kan nílẹ̀ tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́, ó sì ní, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Atẹ̀wé gbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ sókè.

Oníṣègùn eyín kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yìí gbọ́ ariwo gáàsì, ó wá ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Kí ló ṣe ẹsẹ̀ kejì?" Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Níkẹyìn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó fara pa. Òun ló ṣe é nìyẹn."

Nígbà tí Atẹ̀wé sọ ọ́ fún bàbá, ó lanu. "Àforíjì kẹ̀? Ẹni tápá rẹ̀ ṣẹ́, ṣé kí n kí i kú oríire ni?"

Ọ̀gá wa fara ya. "Ìwọ lo máa kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì? Mo ti lù ú ní òǹtẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ò lè sọ ohun tí bàbá ò sọ di ohun tó sọ."

Atẹ̀wé jókòó ti ìwé náà títí oòrùn fi wọ̀. Òórùn àti ẹsẹ̀ kò pẹ́ rárá. Pẹ̀lẹ́ ló gbà á lágbára. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ bí ẹni ń kẹ́dùn, oníṣègùn eyín kà á, ó ní, "Ó mà ṣe o, ṣé akóẹrù náà kú ni?" Ó pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ló kọ ọ́ pé bàbá ń tu ọkùnrin náà nínú nítorí ìrora rẹ̀. Oníṣègùn eyín ní, "Èèyàn rere ni." Ìgbà náà ló tó pa ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ síwájú ìgbìmọ̀. Alága ìgbìmọ̀, tí òun náà kò gbọ́ Yorùbá, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwé méjì, ẹnu méjì. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Atẹ̀wé kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè méjèèjì, tí kò tíì rí ìwé náà, kó dá ti àkọ́kọ́ padà sí Yorùbá. Wọ́n pe dírẹ́bà ilé ìkẹ́rùsí náà. Dírẹ́bà ń kà, ó ń dá a padà, títí ó fi dé ìparí: "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí."

Akóẹrù tó so apá kọ́rùn dìde. "Irọ́! Bàbá ò bẹ̀ mí. Kí ni wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí fún? Orí mi wà lórí itan wọn, wọ́n ń ní pẹ̀lẹ́. Bí ìyá mi ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn."

Dírẹ́bà mú ìwé kejì, ó dá a padà. Akóẹrù ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bó ṣe rí nìyẹn." Dírẹ́bà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún alága, alága sì fa ìwé olóǹtẹ̀ ya níwájú gbogbo wa.

Ní ẹnu ọ̀nà, bàbá ní kí Atẹ̀wé ka Gẹ̀ẹ́sì tuntun náà sí òun létí. Kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin, ó de fìlà rẹ̀, ó ń fetí sí i bí ẹni tí wọ́n ń kì.

"Ṣé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni."