Wáyà Tí Ẹnu Rẹ̀ Bá Ti Fóònù Mu

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí ní ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì ní ọ̀fun mi. Ohùn yẹn ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀, inú sì ń bí mi sí i títí di òní.

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Odòde, ilé wọn ni ó tẹ̀ lé tèmi. Orí òkè, ní ìlú àtijọ́, ni wọ́n bí Ìyá sí kí àwọn èèyàn wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gun àtẹ̀gùn òkè náà mọ́. Nígbà tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi wá láti Èkó, ó gòkè lọ, ó sì fi fóònù ìyá rẹ̀ ya fídíò agbo ilé wọn. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá ti ṣú. A gbé fóònù náà síwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Kí ni àwọn èèrà tó ń rìn yìí?"

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó kù láyé ń gbé ní Òfosù. Ó ń bọ̀ ní Sátidé náà, mọ́tò tó bá gbé e wá ni yóò sì gbé e padà ní aago mẹ́rin. Ìyá ní, "Èmi àti àbúrò mi ni kí ẹ jọ fi ilé wa hàn. Ẹ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn." Kò bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wa.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni èmi àti Nọ́ọ̀sì gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan fóònù, láti ra ohun tí yóò gbé àwòrán fóònù sí tẹlifíṣọ̀n. Kí a tó jáde, iná wà, mo sì ní kí Nọ́ọ̀sì fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sí iná nílé kó lè kún. Mo mú ògbólógbòó wáyà kejì tó fi ń gba iná tẹ́lẹ̀, mo fi í sínú báàgì mi. Bí mo ṣe máa ń gé aṣọ díẹ̀ dání tí mo bá fẹ́ ra òwú tó bá a mu ni mo ṣe mú wáyà yẹn dání. Ẹnu wáyà náà ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ fún wa.

Ọlọ́jà gbé oríṣi méjì kalẹ̀. Ọ̀kan ní wáyà: ẹnu kan wọ fóònù, ẹnu kejì wọ ihò HDMI tí àwòrán ń gbà wọlé lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Èkejì kò ju àtàǹpàkò lọ. Òun náà ń wọ ihò HDMI, ó ní wáyà kékeré tó fi ń gba iná, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so ó mọ́ fóònù.

"Èyí kékeré yìí ni mo fẹ́," ni Nọ́ọ̀sì sọ. "Ara ògiri ni tẹlifíṣọ̀n wa wà. Ṣé kí fóònù máa rọ̀ níbẹ̀ bí àdán ni?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lo fẹ́ fi lò ó? Odòde níbí, tá a máa ń gun orí àpáta kí ìpè tó wọlé?"

"Ọmọ mi ní kì í jẹ dátà. Ó ní wáí-fáì tirẹ̀ ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀."

"Ọmọ rẹ ń gbé Èkó. Ohun tí mo bá fojú rí ni èmi gbà. Wáyà ti ibí wọlé, ó ti ibẹ̀ jáde. Ó tán."

"Tíṣà, mi ò sí ní kíláàsì rẹ o."

"Ìbá dára kó o wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè yí aago fóònù rẹ̀ láìpe ọmọ rẹ̀, ló wá ń ṣàlàyé wáí-fáì!"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́jà ní, "Ẹ̀yin màmá, fóònù náà ńkọ́? Kí n dán an wò. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń gba ẹnu rẹ̀ gbé àwòrán jáde. Òmíràn, iná nìkan ló mọ̀ ọ́n gbà."

Mo fa wáyà yọ nínú báàgì. "Ẹnu rẹ̀ nìyí. Wò ó, ó bá a mu."

"Màmá, ẹnu lè bá ara mu kó—"

"Mo ní ó bá a mu!" Mo gbé ohùn sókè bo tirẹ̀. Ó fi fóònù tirẹ̀ dán wáyà náà wò, àwòrán jáde gedegbe. A sanwó wáyà náà, mo wo ojú Nọ́ọ̀sì bí ẹni tó borí.

Nígbà tí a délé, àbúrò Ìyá ti dé. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Mo ki wáyà bọ fóònù, mo ki ẹnu kejì bọ ihò HDMI, mo fi rìmóòtù yí tẹlifíṣọ̀n sí ibi tó yẹ. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí àwòrán kankan. Mo yọ ọ́, mo tún un kì. Dúdú náà ni.

"Ṣé ilé wa nìyẹn?" ni àbúrò Ìyá bèèrè.

Nọ́ọ̀sì bẹ́ gbàmù. "Ọlọ́jà sọ fún ọ! Ọmọ ọlọ́mọ sọ fún ọ, o pa á lẹ́nu mọ́! Èmi sọ̀rọ̀, o fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú rẹ̀!"

"Wáyà náà ni kò dára."

"Wáyà tó ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ? Ẹnu rẹ ni kò dára!"

Ọ̀rọ̀ náà gbóná mọ́ mi lára. Mo ní kí ó má pariwo mọ́ mi nínú ilé rẹ̀, òun náà ní níbo ni kí òun ti pariwo. Àwọn nǹkan tí a sọ síra wa lẹ́yìn ìyẹn kò yẹ ní kíkọ. A ń jà, aago ń lọ. Ìyá ló pàṣẹ pé ká gbé fóònù náà, ká padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù wà lọ́wọ́ wa wàyí. Ọlọ́jà ki wáyà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó gbé àwòrán jáde. Ó wá ki èyí kékeré bọ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó fa ojú fóònù wálẹ̀, ó tẹ ibi tí a ti ń wá tẹlifíṣọ̀n, ó mú orúkọ tó yọ síbẹ̀. Agbo ilé náà hàn lójú ẹsẹ̀. Dátà fóònù wà ní pípa, nítorí èmi fúnra mi ni mo pa á láti fi dán ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì wò. Ọlọ́jà gba wáyà padà, ó fún wa ní kékeré. Kò bú mi. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

A kò bá àbúrò Ìyá nílé. Aago mẹ́rin ti kọjá, awakọ̀ kò sì dúró. Nọ́ọ̀sì ki èyí kékeré náà bọ tẹlifíṣọ̀n láìwo ojú mi. Ògiri amọ̀ agbo ilé wọn yọ, ó gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá na ọwọ́.

"Ẹ pa á."

"Ìyá, ilé yín nìyẹn," ni mo sọ.

"Mo mọ̀ ọ́n. Àwa méjèèjì ni wọ́n bí síbẹ̀, mi ò ní dá wò ó. Ẹ̀yin àgbààgbà méjì, ẹ ń jà lórí wáyà títí àbúrò mi fi lọ." Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Ó lé ní oṣù kan kó tó di pé àbúrò rẹ̀ tún rí mọ́tò bá wá. Wọ́n jọ wò ó nígbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra. Èmi kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò pè mí, n kò sì dá a lẹ́bi. A ti ń kí ara wa báyìí, ṣùgbọ́n "Ẹnu-Bá-a-Mu" ló ń pè mí lójú ọ̀nà, kì í sì rẹ́rìn-ín tó bá ń pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Fóònù gan-an ni kí ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dán an wò níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ya ẹnu láti ṣàlàyé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.