Aláyùn àti Yàrá Mẹ́rìnlélógún

Aláyùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá a máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni bàbá náà bí, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò sì fẹ́ kí eruku igi kan irun wọn. Àbíkẹ́yìn nìkan ni kò bìkítà. Nígbà tí bàbá dolóògbé, òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù, òun ló jogún irinṣẹ́, òun náà ló sì jogún àwọn oníbàárà tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọkùnrin kan máa yọ láti inú ṣọ́ọ̀bù wá bá wọn sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jáwọ́ nínú wíwo ẹ̀yìn rẹ̀. Àga tí Aláyùn bá kàn kì í dún kíríkírí lábẹ́ ẹni tó jókòó sí i, àní kí onítọ̀hún sanra bí àpò ìrẹsì méjì. Àṣírí rẹ̀ kò ju sùúrù lọ. Igi tútù kì í wọ ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń to pákó lé ara wọn, ó máa ń fi igi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, yóò sì fi wọ́n sílẹ̀ títí omi inú wọn á fi gbẹ. Ó ní igi tó ń mu omi lọ́wọ́ dà bí ọmọ tó ń sunkún lọ́wọ́, o ò lè wọ̀ ọ́ láṣọ kó dúró dáadáa.

Ibi tí kò ti mọ̀ ọ́n ṣe ni ìdúnàádúrà. Tí oníbàárà bá ní kí ó dín owó, á le koko bí ìyeyè tí kò tíì pọ́n. Tí wọ́n bá ní kí ó tètè parí iṣẹ́, á tún le. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé, a máa sọ pé ìyàwó òun kì í dúnàádúrà, ṣe ló máa ń ja ìjàkadì. Iṣẹ́ ńlá méjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi ń já lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Tíṣà ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá ilé-ìwé ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì sì ti kó owó jọ kọ́ ilé ìgbàlejò alájà méjì. Yàrá mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀. Ibùsùn kan, tábìlì kan, àga kan àti kọ́bọ́ọ̀dù kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan nílò. Aláyùn kò tíì rí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Ọ̀gá Tíṣà fi ìwé àti gègé síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣètò ìdánwò. Ó dárúkọ iye tó fẹ́ san lórí yàrá kan. Aláyùn dárúkọ tirẹ̀, ó ga ju ti màmá náà lọ. Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà, wọ́n bá ara wọn ní àárín. Ó kan àkókò. Màmá fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méje, Aláyùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Wọ́n tún bá ara wọn ní àárín, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kan owó àsansílẹ̀. Màmá fẹ́ san ìdá kan nínú mẹ́rin, Aláyùn fẹ́ gba ìdá mẹ́ta. Wọ́n gbà sí ìdajì.

Ọ̀gá Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí inú àwọn méjèèjì dùn, torí kò sí ẹni tó borí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n màmá ń wo ìwé náà bí ìwé ọmọ tó gba òdo. Aláyùn náà ń ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀: ìdajì owó kò tó ra igi lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sì tó kí igi yàrá mẹ́rìnlélógún fi gbẹ. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Màmá ní kí àwọn lọ ronú sí i títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí Aláyùn délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ọ títí dópin.

Ó ní, “O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méje ló fẹ́. Ṣé o bi í pé kí ló fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méje ṣe?”

Aláyùn ní òun kò bi í.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kò jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ní kí màmá jọ̀wọ́ mú òun yí ilé ká, kí òun wọn àwọn yàrá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Yàrá mẹ́sàn-án ló ti parí níbẹ̀, fèrèsé wà, iná wà, ilẹ̀ ń dán. Wọ́n gòkè. Lókè, wọn kò tíì rẹ́ ògiri rárá, àwọn ẹyẹ ló ń sùn nínú àwọn yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù. Aláyùn dúró, ó fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ sápò.

Ó ní, “Ẹ má bínú sí mi, màmá. Kí lẹ fẹ́ fi ibùsùn ṣe nínú àwọn yàrá yìí ní ọ̀sẹ̀ méje sí i?”

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé nígbà èwe ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, àwọn obìnrin mẹ́tàdínlógún tí wọn kò tíì pé jọ láti ogójì ọdún. Òun ló ṣèlérí pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n máa sùn, ní méjìméjì. Yàrá mẹ́sàn-án ti tó wọn. Àwọn ti òkè lè dúró di oṣù mẹ́fà.

Aláyùn bi í pé kí ló dé tí ó fi bèèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọmọ mi, káfíńtà tó bá ti yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nílé rẹ, ẹsẹ̀ kejì kò ní padà wá. Mo fẹ́ dè ọ́ mọ́lẹ̀ ni.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Aláyùn ń bèèrè, màmá ń dáhùn, màmá náà sì ń bèèrè. Àwọn àbúrò màmá ló ti fi òǹtẹ̀ lé iye tí wọ́n máa san lórí yàrá kan, kò lè kọjá rẹ̀ láìdá ìjà ẹbí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà ti wà nílẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ fi ṣe. Ìgbà yòówù kó san án, kò dí i lọ́wọ́. Ohun tó fà á tí kò fẹ́ san púpọ̀ sílẹ̀ ni ẹ̀rù pé ó lè má rí igi, kó má sì rí owó. Ti Aláyùn yàtọ̀ pátápátá. Iye orí yàrá ṣe é ṣàtúnṣe, torí tó bá ní owó lọ́wọ́, á lọ sí ilé ìlagi, á ra igi ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì dín owó rẹ̀ kù fún un ju bó ṣe máa ń rà á díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni owó ìbẹ̀rẹ̀, àkókò tí igi fi ń gbẹ, àti àyè. Pákó rẹ̀ tí kò gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ń jìyà lẹ́bàá ọ̀nà, òjò ń pa wọ́n.

Wọ́n ti dé gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ ilé. Ó fẹ̀, ó ní fèrèsé níhà mẹ́ta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìgbálẹ̀ kan. Màmá ní òun kò tíì mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Aláyùn na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ojú rẹ̀ tàn.

Ó wá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní òun ní pákó tó ti gbẹ tán ní ṣọ́ọ̀bù, ó tó yàrá mẹ́sàn-án; ohun èlò wọn á wọlé ní ọ̀sẹ̀ méje. Òun á gba iye tí àwọn àbúrò màmá fi òǹtẹ̀ lé. Òun á sì tún ibùsùn tó bá dún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì. Ní ti màmá, kí ó san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sílẹ̀, kí ó fún òun ní gbọ̀ngàn yìí láti to igi sí kó lè gbẹ, kí yàrá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù sì di oṣù mẹ́fà.

Màmá fi ọwọ́ kan gíláàsì ojú rẹ̀.

“O kàn ń fún mi ní nǹkan báyìí. Kí lo fi pamọ́?”

“Kò sí ohun tí mo fi pamọ́, mà. Ohun tí mo ń fún yín kò pa mí lára púpọ̀, ohun tí ẹ̀ ń fún mi náà kò pa yín lára. Mo mọ̀ pé ibùsùn mi kì í dún, ìlérí ọdún méjì yẹn kò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin kò lo gbọ̀ngàn yìí. Igi tí owó yín bá sì rà, abẹ́ òrùlé yín ló máa wà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn wọ màmá lára. Ṣùgbọ́n tíṣà ni, ó tún dán an wò. Ó ní iye náà dára, ọ̀sẹ̀ méje dára, àmọ́ kí àsansílẹ̀ dúró sí ìdajì bí àwọn ṣe kọ́kọ́ sọ. Aláyùn ìgbà àtijọ́ ìbá ti bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì. Aláyùn tòní rọra dáhùn pé àpapọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan ló gbé èkejì ró. Bí àsansílẹ̀ bá dín kù, òun kò ní rí igi rà lọ́pọ̀, iye orí yàrá á sì gòkè padà. Kí màmá yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Màmá ronú kan àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún ìbọwọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kó igi wá sí gbọ̀ngàn, Aláyùn sì ń to wọ́n bí ẹni tó ń to aṣọ ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé. Yàrá mẹ́sàn-án ti gbáradì láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Màmá ní dandan kí Aláyùn wá, ọkọ rẹ̀ sì fi bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lọ kó àwọn àlejò ní ibùdó ọkọ̀, àwọn ìyá àgbà mẹ́tàdínlógún lórí àga àwọn ọmọdé, wọ́n ń kọrin ilé-ìwé wọn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín láti kékeré, ní òun ti gbọ́ ìyìn ibùsùn yìí jù, òun fẹ́ dán an wò. Ó bọ́ bàtà, ó gun orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ọ̀gá Tíṣà ń pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ṣe ni Ẹlẹ́rìn-ín túbọ̀ ń fò. Àwọn méjì mìíràn lọ gun ibùsùn yàrá kejì.

Aláyùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dẹ etí sílẹ̀ bí dókítà. Ẹ̀rín nìkan ló ń gbọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọ̀gá Tíṣà bọ́ bàtà tirẹ̀ náà.