Àtàǹpàkò Bọ̀dá

"Bọ̀dá, kí ló dé tí àtàǹpàkò yín fi máa ń wà nínú gbogbo fọ́tò?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo bi àbúrò màmá mi ní ìbéèrè yìí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ìgboyà. Ó ní kí n lọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún mi níléèwé.

Bọ̀dá ló ń gbé ọjà ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan sí ojú ìtajà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń di ọjà ló ń lò, pẹ̀lú tábìlì tó ń mì. Ẹ̀yìn ọ̀rá bisikíìtì alágbọn kò fi nǹkan kan pa mọ́: èròjà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá, nọ́ńbà àwọn tí wọ́n yan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀rọ tó lọ àgbọn yìí náà ló ń lọ ẹ̀pà. Ibẹ̀ gan-an ni àtàǹpàkò Bọ̀dá máa ń sinmi lé nínú fọ́tò. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò kò ju èyí lọ: "Ó dùn. Tuntun ni." Ó ti lé lọ́dún kan tó ti kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń yan òmíràn ni wọ́n ń fi fọ́tò àti ọ̀rọ̀ kan náà tà á, tuntun náà kò sì gbó.

Màmá mi, tó ń di ọjà níbẹ̀, máa ń sọ pé ìka kan ṣoṣo ni Bọ̀dá fi ń pa irọ́ tí ẹlòmíì máa fi ẹnu pa títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan wá kọ ìbéèrè sábẹ́ fọ́tò náà bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀, torí ọ̀fun ọmọ rẹ̀ máa ń wú tó bá fẹnu kàn án. Bọ̀dá fèsì pé àgbọn ni, kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí èyí tó rà dé, obìnrin náà ka ẹ̀yìn ọ̀rá kó tó jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Ó ya fọ́tò ẹ̀yìn ọ̀rá náà láìfi ìka bò ó, ó gbé e sábẹ́ ti Bọ̀dá: "Ẹ bá mi kí ẹni tó ni ìka yìí."

Àwọn tó ni ojú ìtajà náà yọ gbogbo ọjà ilé iṣẹ́ bisikíìtì náà kúrò. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, tó ń wo fọ́tò wọ̀nyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé Bọ̀dá ní àtàǹpàkò. Ó ní tí kò bá tún gbogbo rẹ̀ kọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó máa lọ sílé. Bọ̀dá jókòó, ó kọ èròjà, ọjọ́, ẹ̀rọ, ohun gbogbo. Màmá mi fi ọ̀rá dání, ó ń kà á tẹ̀lé e bí tíṣà tó ń gbọ́ ìwé lẹ́nu olódo.

Ìyẹn ti tó ọdún méje. Igi pẹlẹbẹ kan ló ń gbé ọ̀rá dúró fún un báyìí, tí wọ́n bá sì ti yan òmíràn, á ya fọ́tò mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bi í ní ìbéèrè mi nípa àtàǹpàkò rẹ̀. Kò wojú mi.

"Ká ní mo gbé e kúrò níbẹ̀ nígbà yẹn," ó ní, "èmi náà ì bá ní láti kà á."