Ímeèlì Tí A Fi Tọrọ Ààyè Láti Ṣí Ààrò

Ọdún tí ìjọba ológun kù díẹ̀ kó kógbá wọlé ni mò ń sọ. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣe akọ̀wé fún ọ̀gá tó ń darí ibẹ̀, bàbá Ìjẹ̀bú kan tó mọ èèyàn í kí gan-an. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló lè fi ímeèlì ránṣẹ́ nínú gbogbo ọgbà wa, orí tábìlì mi ló sì wà. Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ká má parọ́, mo máa ń fi yangàn gan-an ni.

Lọ́jọ́ kan ni ṣéènì ńlá tó ń fa bisikíìtì gba inú ààrò kọjá já pátápátá. Ààrò ọ̀hún kì í ṣe tiwa. Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣòwò pọ̀ lókè òkun ló ni ín, àdéhùn wa sì ni pé a ò gbọdọ̀ tú ohunkóhun lára rẹ̀ àfi tí ọ̀gá wọn bá fọwọ́ sí i. Ká máa retí ṣéènì tuntun láti òkè òkun láyé tí dọ́là wọ́n bí ojú yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ irin kan wà l'Ágége tó ní òun lè rọ irú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá mi jókòó, wọ́n kọ àbá kan lórí ọ̀rọ̀ náà, ojú ìwé mọ́kànlá, tòun ti àwòrán ṣéènì. Àbá yẹn dáa, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ààrò ní tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa jókòó sílé ná. Tí oṣù bá parí tí ààrò ò bá tíì ṣiṣẹ́, wọ́n á gba ìwé gbélé-ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ilé wọn l'Ágége ni mò ń gbé, àwọn ló tọ́ mi dàgbà.

Ọ̀gá mi sọ ohun tí mo máa kọ sínú ímeèlì tí a máa fi gbé àbá náà lọ. A kí ọ̀gá àwọn òyìnbó náà, a kí ìyàwó rẹ̀, a béèrè bí òtútù ṣe ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún, a dúpẹ́ ìgbà tó wá kí wa kẹ́yìn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ojú rere wo ìwé tí a so mọ́ eléyìí.” Ó parí. Gẹ̀ẹ́sì tí mo lò dùn mọ́ èmi alára. Mo so àbá mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù, torí orí wáyà fóònù ni ímeèlì ń gbà nígbà yẹn, ó ń pariwo fíìn-fíìn. Àwòrán yẹn wúwo, ẹ̀ẹ̀mejì ni láìnì já. Ìgbà kẹta ló tó lọ, la bá pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kejì, èsì dé: “Ẹ ṣé. Mo ti rí i. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn.”

“Ó ti rí i!” Inú ọ̀gá mi dùn. “Ó ń rò ó lọ́wọ́ nìyẹn.”

A dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mo ní ṣé ká rán an létí ni, sà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọ̀gá ẹni la ó máa kán lójú?” Mo padà sídìí tábìlì mi.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, wọ́n ní kí n sọ ohun tá a kọ sí òyìnbó yẹn fún àwọn lédè Yorùbá. Mo rò ó látòkèdélẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, “Ẹ kí i, ẹ kí ìyàwó ẹ̀, ẹ ní kó wò ó. Ó ti wò ó. Kí lẹ tún ní kó ṣe?”

Inú bí mi. Mo ní ṣé wọ́n mọ̀wé jù wá lọ ni? Mo ní ohun tá à ń tọrọ wà nínú àbá ketekete, ojú ìwé kẹsàn-án.

“Ṣé ó débẹ̀?”

Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ bu omi tí òùngbẹ ò gbẹ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá mi tó dé, mo ti kọ òmíràn, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Lórí ìlà àkọlé, mo kọ ọ́ pé: “Ìpinnu yín la nílò kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú: ààyè láti ṣí ààrò.” Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Mo ní àbá olójú ìwé mọ́kànlá la so mọ́ ọn: àkópọ̀ rẹ̀ wà lójú ìwé kejì, ohun tá à ń tọrọ wà lójú ìwé kẹsàn-án, àwòrán ló wà lójú ìwé méjì tó gbẹ̀yìn. Mo ní ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí wọ́n pinnu, ṣé wọ́n gbà ká ṣí ààrò, ká fi ṣéènì tí wọ́n rọ l'Ágége sí i. Kí wọ́n dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni oníṣẹ́ irin máa gba iṣẹ́ ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá gbà, ààrò á ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tá ò bá gbọ́ nǹkan kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ààrò á gba gbélé-ẹ ní òpin oṣù.

Ọ̀gá mi kà á, wọ́n yọ jígí ojú wọn. “Ha! Ṣé a fẹ́ bá ọkùnrin yìí jà ni? Ìkíni dà?”

“Ẹ máa bínú sà, a ti kí i tó!” Ohùn mi ti lọ sókè kí n tó mọ̀. “Ó ti rí ìkíni, kò rí ohun tá a fẹ́ kó ṣe! Ẹ̀gbọ́n mi ti ń jókòó sílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!” Mo rò pé iṣẹ́ tèmi náà ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá mi tún un kà. Wọ́n wá mú bírò, wọ́n fi ìlà ìkíni kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní, “Fi ránṣẹ́.”

Ọwọ́ mi ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì kí n tó rí i pé n ò tíì so àbá mọ́ ọn. Orí ló yọ mí!

Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: “Bẹ́ẹ̀ ni, mo fọwọ́ sí i. Ẹ ṣí i. Tàkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé ẹ kàn fẹ́ kí n mọ̀ sí i ni. Ká ní ẹ béèrè ni, mi ò bá ti dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an.”

Mo pariwo, mo fò sókè, mo dì mọ́ ọ̀gá mi láìmọ̀. Ara tù mí bí ẹni tí wọ́n sọ̀ ẹrù kúrò lórí ẹ̀. Ọ̀gá mi ní tiwọn jókòó, wọ́n ń wo ìlà tó gbẹ̀yìn nínú èsì ọ̀hún. “A jẹ́ pé èmi ni mo fi wọ́n jókòó sílé,” ni wọ́n wí, wọ́n rọra sọ ọ́. Wọ́n wá mú fóònù, wọ́n pe oníṣẹ́ irin, wọ́n ní kí n máa lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Mo bá wọn nílé. Mo ní òyìnbó ti gbà, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí wọ́n padà síbi iṣẹ́. Wọn ò ké, wọn ò jó. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ wọn jáde, wọ́n bu omi, wọ́n da ọṣẹ sí i, wọ́n sì rì í sínú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” mo ní, “ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣì wà o.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ń fọ aṣọ lọ.