Bí Ẹ̀dọ̀fóró Ṣe Já sí Méjì

Kí wọ́n tó máa pè é ní Ìyá Àlàfo, Ìyá Tààrà ni wọ́n ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì náà. Obìnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan gún régé ni. Bí férémù bá wọ́ díẹ̀ lára ògiri, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ àfi tó bá dìde tún un ṣe. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé, níbẹ̀ ló ti ń tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ bá fún un, níbẹ̀ náà ló sì ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kíkà bá nira fún lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, etí òsì rẹ̀ gún, etí ọ̀tún rẹ̀ gún, bí ògiri tí bíríkìlà fi okùn wọ̀n. Àwọn olùkọ́ a máa fi yangàn.

Lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni obìnrin kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Onídìrí, nítorí pé irun ló ń dì kó tó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, kò sí ẹni tí kì í fẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Ìwé ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé disilẹ́síà ni: ojú rẹ̀ ríran dáadáa, làákàyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í tètè di ohùn nínú ọpọlọ rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn ń sáré kọjá, òun ní láti máa fi ọwọ́ tá ògiri lọ. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀yà ara. Àtúnṣe ìdánwò náà ń bọ̀, tí kò bá sì yege lọ́tẹ̀ yìí, kó máa di ẹrù rẹ̀ nìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ ò ní gbà á mọ́.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ ẹ̀yà ara bi í léèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Tí ẹ̀jẹ̀ bá kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ní apá ọ̀tún, ibo ló ń lọ?"

Onídìrí dìde. "Ẹ̀dọ̀ ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀dọ̀ kẹ̀?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ṣé ó fẹ́ lọ dín in jẹ ni?"

Nígbà tí kíláàsì tú, olùkọ́ náà mú un lọ sí yàrá Ìyá Tààrà. Ènìyàn dáadáa ni, ọ̀rọ̀ náà ló ti sú u. "Mà, mi ò mọ èyí tí mo tún lè ṣe. Àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ fún wa, tó mọ́ tónítóní, òun náà ló kà. Ó wá ní ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ."

"Mo kà á ni o, sà," ni Onídìrí wí. "Mi ò purọ́ mọ́ ìwé."

Olùkọ́ náà lọ. Ìyá Tààrà fa àga fún un. "Jókòó, ọmọ mi. Fi ibi tó o ti rí i hàn mí."

Onídìrí ṣí àkọsílẹ̀ náà, ó fi ìka tọ àwọn ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibẹ̀. Ìyá Tààrà tẹ̀ sórí rẹ̀. Ní ìparí ìlà náà, ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú àmì tíńtín kan tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí igi ìṣáná. Fóró wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Kí etí ọ̀tún ojú ìwé lè gún, ẹ̀rọ ti gé ẹ̀dọ̀fóró sí méjì, ó sì ti fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

"Fóró yìí ńkọ́?" ni Ìyá Tààrà béèrè.

"Mo ti wá a títí, mà. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Fóró."

Ó kọ́kọ́ ṣe ìyá náà bí ẹni pé kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò jáde. Ó yí ojú ìwé padà. Níbòmíràn, ẹ̀rọ ti na àlàfo àárín ọ̀rọ̀ bí rọ́bà kí ìlà lè kún, níbòmíràn ó ti fún wọn pọ̀. Kò sí ibi tí ojú lè dúró sí mí. Ògiri tó fi okùn wọ̀n fúnra rẹ̀ nìyí, ọmọ olọ́mọ sì ti ń forí sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Tí wọ́n bá gbé orí kan wá fún ọ pé kó o dì í," ni ó béèrè níkẹyìn, "báwo lo ṣe ń bẹ̀rẹ̀?"

Ojú Onídìrí là. "Màá kọ́kọ́ yà á, mà. Ta ló máa ń di gbogbo orí lẹ́ẹ̀kan náà? Màá fi ìyarun la ọ̀nà sáàárín, màá di ìyókù mọ́lẹ̀ kó má dà rú, màá wá mú ìpín kan. Orí tí ò bá lọ́nà, kò sí bó o ṣe fẹ́ mọ ibi tó o dé."

"Ó dáa," ni Ìyá Tààrà wí. "Jẹ́ ká ya orí yìí."

Ó tú àkọsílẹ̀ ọkàn náà palẹ̀. Ìrìn àjò ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ìpínrọ̀ gbọọrọ kan tẹ́lẹ̀, di ìpín mẹ́rin: láti ara dé apá ọ̀tún ọkàn, láti apá ọ̀tún dé ẹ̀dọ̀fóró, láti ẹ̀dọ̀fóró dé apá òsì, láti apá òsì padà sí ara. Orí ìpín kọ̀ọ̀kan, ó fi ìbéèrè síbẹ̀: "Ibo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀? Ibo ló ń lọ?" Láàárín ìpín kan sí èkejì, ó fi àlàfo sílẹ̀, fífẹ̀ bí ọ̀nà tí ìyarun là. Ó ní kí ẹ̀rọ má gé ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó to gbogbo ìlà mọ́ apá òsì, ó sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ kó rí gbágungbàgun bó ṣe wù ú. Èyí dùn ún wọra. Ó wò ó, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó.

Àṣìṣe kò tán síbẹ̀ o. Ó fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì kí wọ́n lè hàn, ìlà náà sì gbé gbogbo àmì abẹ́ wọn mì. Ọkàn di okàn.

"Mà, ta ni okàn?" ni Onídìrí béèrè.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní pa mí!" Ó pa ìlà náà rẹ́, ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà di dúdú kíkì dípò rẹ̀. Ó jẹ́ kí ìlà jìnnà síra, kí àmì orí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ má máa gbá àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ òkè. Ó lo lẹ́tà tó tóbi tí kò ní ọ̀ṣọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí oríṣi bébà mélòó kan, ó ní kí Onídìrí mú èyí tó bá tù ú lójú. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ló mú.

Lẹ́yìn náà ló wá gba àkópọ̀ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ sínú fóònù. Ó ka ojú ìwé bó ṣe rí, ó sì gbé e lọ sílé láti gbọ́ bó ṣe rí létí. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀, oníṣẹ́ iná tó ti fẹ̀yìn tì, ń fọ abọ́ lọ́wọ́ ní kíṣìnnì. Ohùn inú fóònù ń wí pé, "Gẹ́gẹ́ bí àwòrán òkè yìí, ó wọ inú rẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ jáde."

Bàbá gbójú sókè wo àjà. "Òkè ibo? Ta ló wọ inú ta ni? Ìyá àwọn ọmọ, tó bá jẹ́ wáyà ilé ni mo ń fi èyí so, iná á ti gbé wa."

"Ẹ̀yin ẹ máa fọ abọ́ yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Àmọ́ ó ti pa fóònù náà. Òdodo ni bàbá sọ: etí kò ní òkè, kò ní àwòrán, kò sì lè yíjú padà lọ wo ẹni tí "ó" jẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, kékeré, kí ẹni tí ọ̀kan bá rú lójú lè pe ìyẹn nìkan padà. Yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ sọ, yóò sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, yóò wá bi ìbéèrè kan, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ lè dáhùn fúnra rẹ̀. Níbikíbi tí "ó" bá wà, ó fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ gba atẹ́gùn tuntun." Bàbá gbọ́ èyí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì tọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà lórí àyà ara rẹ̀ láì ṣìnà.

Onídìrí ń fi ojú tọ ìwé náà bí ohùn ṣe ń lọ létí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń tẹ́ ibùsùn, nígbà tó bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọ yàrá Ìyá Tààrà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lọ́rùn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó fi ẹ̀rọ náà sétí ìyá, ó sì gbé ojú ẹ̀rọ náà lé àyà ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá Tààrà ti tẹ àkọsílẹ̀ ọkàn láìmọye ìgbà, kò gbọ́ ọkàn rí. Ìró náà kí i: gbì-gbì, ìdákẹ́jẹ́, gbì-gbì, ìdákẹ́jẹ́.

"Ẹ gbọ́, mà? Ìró tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ilẹ̀kùn inú ọkàn ló ń tì. Ẹ̀jẹ̀ ti ara dé, ó wà ní yàrá òkè lápá ọ̀tún. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀dọ̀ àti fóró, papọ̀. Ó gba atẹ́gùn, ó padà sí apá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún gba ara lọ." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ nínú afẹ́fẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń dirun, kò wo ìwé kankan. "Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti dákẹ́ yẹn. Àlàfo ni. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń sinmi, ibẹ̀ ló ti ń kún. Tí ò bá fi àlàfo sílẹ̀, mà, kò ní rí nǹkan kan tì síta."

Ohun tí Ìyá Tààrà ń fipá mú ara rẹ̀ ṣe lójú ìwé, nǹkan kan ti ń ṣe é nínú àyà rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ ó ń gbọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, Onídìrí sì rọra di ẹ̀rọ náà mú fún un.

"Ìyá Àlàfo," ni ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́. Orúkọ náà kò kúrò mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ gbà pé kí wọ́n to ìwé ìdánwò náà bákan náà, wọ́n sì fún Onídìrí ní àfikún àkókò. Ìbéèrè kò yí padà, kò sì dẹrùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ọjọ́ ìdánwò náà, Ìyá Àlàfo kò ráyè tẹ nǹkan kan. Ó tún férémù ara ògiri ṣe, ó tún un ṣe, títí ìṣó rẹ̀ fi já.

Ìṣó náà ló ń wá nílẹ̀ nígbà tí èsì jáde, tí olùkọ́ ẹ̀yà ara sì kan ilẹ̀kùn. Ìwé ìdáhùn Onídìrí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Sípẹ́lì rẹ̀ wọ́ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà wà ní ìpín mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ò ṣìnà níbì kankan, Onídìrí sì ti fi àlàfo fífẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìpín kan sí èkejì. Máàkì ìyege wà lókè.

"Mà," ni olùkọ́ náà wí, "mo ka ìdáhùn yìí lẹ́ẹ̀kan péré, ó yé mi. Ti àwọn yòókù, mo ní láti padà tún un kà." Ó fa àkọsílẹ̀ tirẹ̀ yọ lábẹ́ abíyá, èyí tó kún dẹ́nudẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya orí eléyìí náà."